Mẹ́rin Ni Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Ilé àyẹ̀wò tó wà ní Ìlọrin ti dáhùn. Fáìlì mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́ nínú íméèlì kan ṣoṣo, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dé ọwọ́ Gbádéyan Bámigbóyè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba èsì. Dókítà Emmanuella ka ìdáhùn náà sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ọmọ́ṣọlá kí òun náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọmọ́ṣọlá kò kà á. Ó gbójú sí fèrèsé, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń sá èso kajú sí eteetí ọ̀nà, tí ọyẹ́ sì ti fi eruku kun gbogbo ewé tó wà lẹ́yìn wọn.

"Àbúrò mi ni Gbádéyan," ó wí, bí ẹni pé dókítà kò mọ̀.

"Mo mọ̀, Tíṣà."

"Ọmú kan náà la jọ mu."

Dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọmọdé ni lójú Ọmọ́ṣọlá, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ní ìwé kíkà láyé ọjọ́sí, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ilé àyẹ̀wò kò lè fi ẹ̀dà èsì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn àfi bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá kọ̀wé béèrè, tó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ́ṣọlá kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ya ìwé náà ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáhùn: wọ́n ti rí i gbà, olórí wọn yóò fi ìfọwọ́sí yìí wé èyí tó wà nínú ìwé wọn, bí méjèèjì bá dọ́gba, wọn yóò fi ẹ̀dà ránṣẹ́.

"Ẹ máa lọ sílé," Dókítà Emmanuella wí. "Bó bá ti dé, èmi fúnra mi ni n óò pè yín. Èsì náà wà, Tíṣà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan la kò tíì mọ̀."

Ọmọ́ṣọlá dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà. "Ìwọ kò tíì mọ̀ ọ́n," ó wí. "Gbádéyan ti mọ̀ ọ́n."

Orí kókó kan tí kò tóbi ju èso kajú lọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìwẹ̀ ló ti fọwọ́ kàn án lábẹ́ ọyàn òsì. Kò dùn ún, ìyẹn sì jẹ́ kó fojú fò ó dá títí ó fi rí i pé awọ ibẹ̀ ti ń wọnú bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Dókítà Emmanuella yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn kékeré tó ń bójú tó ní Kàbà, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí i. Ó kọ̀wé sí ilé àyẹ̀wò ní Ìlọrin pé kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́rin: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n ṣe sikáànì ikùn, kí wọ́n ya àwòrán àyà, kí wọ́n sì gé díẹ̀ nínú ẹran kókó náà láti mọ irú ohun tó jẹ́. Bó ṣe tò wọ́n nìyẹn, lẹ́sẹẹsẹ, nínú ìwé tó fún un mú lọ.

Ọmọ́ṣọlá wọkọ̀ gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kọjá, ó dé Ìlọrin. Gbádéyan, àbúrò rẹ̀ tó ń ta irinṣẹ́ oko níbẹ̀, ló wá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, òun ló sì jókòó tì í ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kó dúró. Nígbà tí obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi wọ́n pé ta ni kí àwọn fi èsì ránṣẹ́ sí, Ọmọ́ṣọlá ní fóònù tó dára lọ́wọ́, ó sì ní íméèlì. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Gbádéyan ti ka tirẹ̀ fún obìnrin náà.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ó wí. "Kì í ṣe irú ìwé tí aláìsàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbà nìyí."

Kò bínú. Lójú tirẹ̀ náà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní Ìyàrá tí wọ́n ti bí wọn, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í kọ́kọ́ dé etí ẹni tó ni ín. Ó ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ ṣáájú, ó ní àwọn tí yóò fojú wọn ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní ẹni tí wọn yóò rán. Ọmọ́ṣọlá fọwọ́ síwèé, wọ́n jáde, wọ́n lọ jẹ iyán.

Lẹ́yìn tó padà sí Kàbà, yàrá àwọn olùkọ́ ló wà, tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ọdún kejì, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Gbádéyan ni. "Àǹtí mi, èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí. Ẹ fún dókítà. Ọlọ́run ti bá wa ṣe é."

Fáìlì kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣí i. Àwòrán àyà ni: ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì mọ́, ọkàn kò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Ọmọ́ṣọlá pariwo tí báírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Juliet, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, tí tábìlì rẹ̀ sì kọjú sí tirẹ̀, fò dìde. Ó gbá a mọ́ra, ó ń jó, ó ń pariwo pé mínírà ọjọ́ náà kò lè dín ní páálí kan, àti pé kí ẹnikẹ́ni má mú omi inú ọ̀rá wá bá òun.

Ijó náà kò tíì tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó fi wo ojú fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin ló pè é. Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n á máa bọ̀."

"Wọ́n á máa bọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ni? Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

Juliet jókòó tì í. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fóònù ló gbé wọn mì. Ó wo àyè tó kù nínú rẹ̀, àyè pọ̀. Ó wo ibi tí Wọ́sáàpù ń kó gbogbo ìwé tí Gbádéyan bá fi ránṣẹ́ jọ sí. Ọ̀kan náà ló wà níbẹ̀. Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Fáìlì tó bá ti dé, tí a kò tíì gbà wọlé, yóò fi orúkọ rẹ̀ hàn, ọfà kékeré tó kọjú sílẹ̀ yóò sì wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá tún pa rẹ́ lójú gbogbo ayé, àkọlé pé wọ́n ti pa á rẹ́ yóò kù síbẹ̀, bí àpá ibi tí a ti wú ẹ̀gẹ́. Ní ti àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ọfà, kò sí àpá.

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé wọn kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbí rárá. Ẹ pè é."

Ọmọ́ṣọlá pè é, ó sì jẹ́ kí Juliet náà gbọ́ ọ.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàbà yín yẹn ni, àǹtí," Gbádéyan wí.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé fídíò wáàsí tí o fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí ni? Alùfáà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ayé Ádámù, kò sì já lẹ́ẹ̀kan."

Gbádéyan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kúrú. "Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Juliet kọ ìbéèrè sórí ìwé ọmọ tó wà nílẹ̀, ó tì í síwájú Ọmọ́ṣọlá. Ọmọ́ṣọlá kà á jáde: "Máàkì mélòó ló wà lára àwọn tó kù lọ́dọ̀ tìrẹ?"

"Máàkì méjì-méjì ni."

"O dájú?"

"Méjì-méjì, àǹtí. Mo ń wò ó báyìí."

Juliet fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, kò fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọmọ́ṣọlá ló fi dandan mú un. Bí ó bá ní aago kékeré ni òun rí lára wọn, Juliet wí, fáìlì kò tíì kúrò lórí fóònù tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ní máàkì kan, fáìlì ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà náà, wọn ìbá bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n máàkì méjì kì í wá àfi bí nǹkan bá ti dé orí fóònù tí a fi í ránṣẹ́ sí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n rẹ́?"

"N kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ó dáa," Juliet wí. Ó ká ijó rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mínírà mọ́.

Ọjọ́ kejì, méjì dé láìsí àlàyé púpọ̀: Gbádéyan ní ó jọ pé wọ́n há síbì kan. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀kan, sikáànì ikùn ni èkejì, àwọn méjèèjì sì dára. Ọmọ́ṣọlá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Dókítà Emmanuella. Orí orúkọ fáìlì ni dókítà kọ́kọ́ fojú sí. Nọ́ńbà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà tí wọ́n fún Ọmọ́ṣọlá lọ́jọ́ tó wọlé. Ìdí wọn ló yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ parí sí oókan, sikáànì parí sí eéjì. Àwòrán àyà, tó kọ́kọ́ dé, parí sí ẹẹ́ta. Dókítà fa ẹ̀dà ìwé tó kọ sí Ìlọrin yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó ṣe tò wọ́n gan-an ni wọ́n ṣe fún wọn ní nọ́ńbà. Ohun kẹrin tó kọ ni ẹran kókó.

"Bóyá wọn kò tíì ṣe é tán," Ọmọ́ṣọlá wí.

Dókítà mi orí. Àṣà ilé àyẹ̀wò yẹn, bó ṣe wí, ni pé wọn kì í yọ èsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ lè ti parí lọ́jọ́ kan náà, wọn yóò fi í pamọ́ títí èyí tó pẹ́ jù yóò fi jáde, kí dókítà lè ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹran ló sì máa ń pẹ́ jù. "Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan gbà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. Ó ti jáde, Tíṣà, ẹnìkan ló dì í mú."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọmọ́ṣọlá wo fáìlì mẹ́ta tó dára, ẹ̀rù wọn sì bà á ju bí wọn ìbá ti burú lọ. Bí ti ẹran bá dára, kí ni ìbá mú kí ọmọ ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀, kó mú àwọn yòókù wá?

Kí ó tó lè pinnu ohun tí yóò sọ fún Gbádéyan, oníṣẹ́-abẹ tó máa ń wá láti Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti dé, ó sì ti lọ. Orúkọ Ọmọ́ṣọlá ló kọ́kọ́ wà fún un lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà ka ohun tó wà nílẹ̀, ó ní òun kò lè gé ohun tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kókó lásán, kékeré ni òun yóò gé. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, gígé lè má jẹ́ àkọ́kọ́ rárá, oògùn lè ṣáájú, irú oògùn tí yóò sì jẹ́, ara ẹran náà ni wọn yóò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe obìnrin kan láti Odò-Àpé wọlé ní ipò rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá bá obìnrin náà mú báàgì dání títí wọ́n fi gbé e jáde. Nígbà tó dé ilé, ó fọwọ́ kan ọyàn òsì. Kókó náà ti tóbi ju èso kajú lọ.

Kì í ṣe ìkà ni Gbádéyan. Ọmọ́ṣọlá mọ ibi tí ohun tó ń ṣe ti wá, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó lè ṣépè fún un. Nígbà tí ọkọ̀ gba ẹ̀mí Thomas, àkọ́bí ìyá wọn, lọ́nà Ọ̀kẹ́nẹ̀, Gbádéyan ṣì wà nílé ìwé. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀, ó sáré wọlé, ó sì ké e sí ìyá wọn létí níbi tó ti ń ro ọkà lórí iná. Ìyá wọn ṣubú. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé ìgbálẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ti ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n ti yan ẹni tí yóò sọ ọ́, wọ́n ti ṣètò pé kó jẹun kó sì jókòó. Ọmọ kan ṣáájú wọn dé. Fẹ̀hìntọlá, àbúrò bàbá wọn obìnrin, wò ó lójú gbogbo ẹbí, ó ní: "Ẹnu tìrẹ kò ní ìlẹ̀kùn." Ọmọkùnrin náà lọ kan ìlẹ̀kùn sí ẹnu rẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ́ṣọlá ń rò ó bọ̀ láti ilé ìwòsàn, eruku ọyẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìdáhùn ilé àyẹ̀wò tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún un létí rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó pe Gbádéyan.

"Ilé àyẹ̀wò ti sọ fún mi," ó wí.

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?" Ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín.

"Pé mẹ́rin dé ọwọ́ rẹ. Ka ẹ̀kẹrin fún mi."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo dàgbà jù ọ́ lọ, Gbádéyan. Mo pọ̀n ọ́. Ka á."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Èwo ni ti oúnjẹ? Oníṣẹ́-abẹ ti wá, ó ti lọ! Nǹkan yìí ń dàgbà lára mi bí o ṣe ń ṣọ́ ẹnu rẹ!"

Ó gbọ́ tó ń mí. Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ohùn arúgbó kan tó ń béèrè bóyá Ẹ̀gbẹ̀ nìyí tàbí wọ́n ti kọjá Ẹ̀gbẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, àǹtí," Gbádéyan wí. "A ń bọ̀."

"Ẹ̀yin ta ni?"

Fóònù ti já.

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò dáná, kò tan iná. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn àpáta nígbà tí ọkọ̀ náà yà kúrò lójú títì, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ tó kó ẹyin. Gbádéyan ló wà á. Fẹ̀hìntọlá ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kì í jáde kúrò ní Ìyàrá mọ́ àfi fún òkú, wọ́n ti gbé e lọ sí Ìlọrin kó lọ fojú wọn ọ̀rọ̀. Baba Andrew, olórí ẹbí wọn àti kátíkíìsì àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Gbogbo wọn wọ aṣọ tó dára.

Ọmọ́ṣọlá kà wọ́n bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tó fojú wọ̀n ọ́n, ẹni tí wọ́n rán. Kò sí ẹni tó kù.

"Okun o, ọmọ mi," Fẹ̀hìntọlá kí i.

"Okun o, ìyá."

"Okun o," Baba Andrew wí. "Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, bàbá."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Fẹ̀hìntọlá ní kí Gbádéyan gbé oúnjẹ inú ọkọ̀ wá, pé kí wọ́n jẹun ná, ọ̀nà jìn. Gbádéyan gbé abọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì gbójú sókè. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò àyà rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń tàn gba ara aṣọ funfun náà.

Fóònù Ọmọ́ṣọlá dún lórí tábìlì. Gbogbo wọn wò ó. Dókítà Emmanuella ló kọ̀wé sí i: "Wọ́n ti ṣíwọ́, Tíṣà. Olórí wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ó di ọ̀la."

Ọmọ́ṣọlá dojú fóònù délẹ̀. Ó na ọwọ́, ó bu òkèlè kan, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá jẹun, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Baba Andrew, ẹni tí wọ́n rán, yọ fìlà. Títí di ìgbà tó gbé òkèlè náà mì, fáìlì kẹrin kò tíì dé Kàbà, ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò sì tíì dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.